Òfin Gúrúùpù Àdúgbò: Ìpolówó, Ọ̀rọ̀ Àtaré àti Ariwo Òru

Òfin tó wà nínú ọ̀pọ̀ gúrúùpù àdúgbò lórí Wásáàpù kì í ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ má polówó ọjà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àtaré ránṣẹ́, ẹ má kọ nǹkan lóru. Alága á kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, àwọn èèyàn á dá a lóhùn pé "Ó dáa, sà." Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan ti gbé àwòrán aṣọ ẹbí síbẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á. Ṣé ìpolówó nìyẹn ni, àbí ìpè sí ìnáwó? Alábòójútó kan á ní kí wọ́n yọ ọ́. Èkejì á ní ìyàwó akọ̀wé ló fi í síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó wà. Ibẹ̀ gan-an ni òfin náà kú sí, torí gbogbo àdúgbò ti rí i pé ojú ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tó kọ.

Mo wà lára àwọn márùn-ún tí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa n'Ìbàdàn ní kó tún òfin yìí kọ. Gúrúùpù náà ti lé ní 600 èèyàn: onílé, ayálégbé, ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn ọmọ àdúgbò tó ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Hiúsítìnì ṣùgbọ́n tí ilé bàbá wọn ṣì wà níbí. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára. Òfin gúrúùpù gbọ́dọ̀ dúró lórí ohun tí ojú lè rí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ alábòójútó ká lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, ẹ̀bẹ̀ lásán ni.

Ọ̀dọ̀ agbára alábòójútó la ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin ti ń ṣìnà. Gúrúùpù Wásáàpù kan lè gba èèyàn 1,024. Alábòójútó lè pa àtẹ̀jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni rẹ́ kúrò lójú gbogbo èèyàn, ó lè yọ èèyàn kúrò, ó sì lè ti ẹnu gúrúùpù pa kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ni yóò máa kọ̀wé. Ohun tí kò lè ṣe ni kó pa ẹnì kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́ fún ọjọ́ kan, kí onítọ̀hún sì ṣì wà nínú ilé láti máa kà. Tẹ́lígíráàmù fàyè gba èyí. Wásáàpù kò fàyè gbà á, Wásáàpù sì ni àwọn ìyá àti bàbá wa wà. Nítorí náà, bí òfin bá sọ lórí Wásáàpù pé "a ó dá yín dúró fún ọjọ́ kan," yíyọ ló ń sọ, yíyọ àgbàlagbà ní gbangba kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín wa. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: bí alábòójútó bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, àyè rẹ̀ kì í ṣófo. Wásáàpù máa ń kọ orúkọ alábòójútó tó pa á rẹ́ síbẹ̀, gbogbo ilé á sì rí i. Ẹni tí kò bá ní òfin tó yéni láti tọ́ka sí ní ọjọ́ náà, ìjà ló wá fún ara rẹ̀.

Ìpolówó la kọ́kọ́ mú. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má polówó "fún èrè." Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀, kò wọn nǹkan kan. Onílé tó ní yàrá òfìfo ní ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe fún ẹni tó ń wá ilé. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àṣekún ní ìmọ̀ lòun ń fúnni. Èrò inú kò ṣeé rí lórí fóònù. A wá fi èrò inú sílẹ̀, a mú ohun tí ojú ń rí, a sì kọ ọ́ báyìí:

"Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní iye owó, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a pè láti rà, tàbí líǹkì ibi tí a ó ti sanwó, ìpolówó ni, ẹni yòówù kó kọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan la ń polówó, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan, àwòrán kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ni kí ẹ polówó."

Ẹ wo bí ó ṣe yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí kò ní iye owó lè wọlé lọ́jọ́kọ́jọ́, lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tó ní iye owó di ọjọ́ Sátidé, ìbáà jẹ́ ti ọmọ alága. Kò sí ẹni tí yóò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan láàárín wa fẹ́ kí a fòfin de ìpolówó pátápátá. Mo lòdì sí i, mo sì ṣì lòdì sí i. Ìyá tó ń se mọ́ínmọ́ín nílé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní òpópónà kejì, ara àdúgbò ni wọ́n, gúrúùpù yìí sì ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lágbára láti gbà láìsan owó ilé. Bí ẹ bá lé wọn, wọn kò ní lọ, wọ́n á fi ọjà bo inú ìkíni: "Ẹ kú òwúrọ̀ o, ará ilé mi, mọ́ínmọ́ín gbígbóná ti délẹ̀." Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà mọ ìgbà tí yóò wá, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ rà pa ìró fóònù rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, èyí tí Wásáàpù fàyè gbà. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú òfin náà wà nítorí àwọn tó ń bá ẹlòmíì wá oníbàárà fún "okòwò" tí owó ti ń di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní Sátidé.

Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní òfin tirẹ̀, ó sì le ju gbogbo èyí tó kù lọ. Kò sí nọ́ńbà àkáǹtì tó gbọdọ̀ wọ gúrúùpù bí kò ṣe ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, akápò nìkan ni yóò sì fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ fún ìtọ́jú ilé ìwòsàn, kó bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni méjì á lọ wò ó, akápò á sì kéde rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn olè máa ń gba Wásáàpù mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n á pe ìyá kan, wọ́n á ní láti inú ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ilé ìwé rẹ̀ làwọn ti ń pè, pé kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún àwọn. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tí Wásáàpù fi ń jẹ́rìí pé ẹni tó ni nọ́ńbà fóònù ló ń wọlé. Bó bá ti kà á tán, Wásáàpù rẹ̀ á kú lórí fóònù tirẹ̀, á sì jí lórí tiwọn. Láàárín wákàtí kan, orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ á máa bẹ gbogbo àdúgbò fún owó tí yóò dá padà lálẹ́.

Ẹ lè fura sí i nípa ọ̀nà tó gbà ń kọ̀wé: ìyá tí kì í kọ ju "Àmín" lọ ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn, kò sì gbé ìpè Wásáàpù. Ohun tí òfin wa ní kí alábòójútó ṣe ni kó yọ nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀, kó pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, kó wá pe onítọ̀hún lórí ìlà fóònù lásán, kì í ṣe lórí Wásáàpù. A kọ ọ́ sínú òfin pé yíyọ yìí kì í ṣe ìjìyà. Olè la yọ, kì í ṣe ìyá wa, a ó sì dá ìyá padà ní ọjọ́ tí Wásáàpù rẹ̀ bá ti padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtaré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fọ́wọ́ọ̀dù, ló pẹ́ lọ́wọ́ wa jù. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014 mọ ìdí rẹ̀. Àrùn Ẹ̀bólà ti wọ Èkó nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti fóònù dé fóònù pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu ún. Àwọn ẹbí ń jí ara wọn lójú oorun láti sọ ọ́. Ìwé ìròyìn gbé e pé ó kéré tán èèyàn méjì kú, wọ́n sì gbé àwọn míì lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó ta ọ̀rọ̀ náà látaré kì í ṣe èèyàn búburú. Wọ́n fẹ́ràn àwọn ènìyàn wọn ni.

Láti ìgbà náà, Wásáàpù ti fi àmì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọfà kan àti "Forwarded" túmọ̀ sí pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ́ ló kọ ọ́. Ọfà méjì àti "Forwarded many times" túmọ̀ sí pé ó ti kọjá lọ́wọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà ṣe é kí ọ̀rọ̀ ọlọ́fà méjì má lè lọ sí ju ibi kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ìdá 70 nínú 100 dín kù. Ìdènà náà kò ju kí ìka tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ, síbẹ̀ ó tó láti mú ọ̀pọ̀ èèyàn jáwọ́.

Ọfà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn sọ pé ó ti rìn jìnnà ni. Bí ẹnì kan bá dà á kọ, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tuntun, ọfà á pòórá. Nítorí náà a kọ òfin méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́fà méjì kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà jẹ́ àdúrà, ìbáà jẹ́ egbòogi, ìbáà jẹ́ ìkìlọ̀. Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìròyìn tí kò fojú ara rẹ̀ rí, bóyá ọfà wà lórí rẹ̀ o, bóyá kò sí, gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mẹ́ta sí i: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi í ránṣẹ́" kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tó máa ń wọlé, ká tẹ̀ lé e dópin. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú. Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé, obìnrin kan ń mí gúlegúle: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde o, wọ́n ti dé, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé." Alábòójútó kọ́kọ́ wo àmì: ọfà méjì. Ó tẹ́tí sí i títí dé òpin bóyá yóò gbọ́ orúkọ òpópónà, ọjà, ilé ìwé tàbí ọjọ́. Kò gbọ́ ọ̀kankan. Irú ohùn yìí lè ti pé ọdún mẹ́ta, ó sì lè wá láti ìpínlẹ̀ míì. Ó pe olórí àwọn ọdẹ àdúgbò. Ọdẹ ní pópó dákẹ́. Ó pa ohùn náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "A pe olórí ọdẹ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohunkóhun lójú pópó wa. A pa ohùn náà rẹ́ torí kò sọ ibi, kò sì sọ ọjọ́."

Ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju pípa rẹ́ lọ. Àwọn tó ti gbọ́ ohùn náà ti ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá pa á rẹ́ láìsọ nǹkan kan, wọ́n á rò pé ìgbìmọ̀ ń fi nǹkan pamọ́ ni, ẹ̀rù á sì kúrò ní gbangba lọ sí kọ̀rọ̀, níbi tí ẹ kò ti lè dá a lóhùn.

Àwòrán ọmọ tó sọnù ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Ọmọ lè ti padà sílé tipẹ́ kí àwòrán rẹ̀ ṣì máa káàkiri. Alábòójútó á kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ẹbí tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́rìí sí i, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rí ọmọ gbẹ̀yìn àti àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n fi tó létí. Bí wọ́n bá rí ọmọ náà, á pa á rẹ́, torí ọmọ yẹn yóò dàgbà, kò sì yẹ kí ojú rẹ̀ máa rìn kiri.

Ó wá ku òru. A fẹnu kò lórí aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Àwọn ará òkè òkun kọ́kọ́ ṣàròyé, wọ́n sì ní ìdí. Bí aago mẹ́wàá bá lù n'Ìbàdàn, ní ìgbà ooru aago mẹ́rin ọ̀sán ni ní Hiúsítìnì, ní ìgbà òtútù aago mẹ́ta. Ìgbà tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ráyè mú fóònù, àwa ti ń múra àtisùn. Síbẹ̀, àdúgbò ló ni gúrúùpù, nọ́ọ̀sì tó máa jí ní aago mẹ́rin kò lè máa gbọ́ ìró ìkíni ọjọ́ ìbí títí di òru. Aago Ìbàdàn la fi sí i.

Kíkọ "ẹ má kọ̀wé lóru" kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni títì: alábòójútó á wọ "Group permissions," á sì pa "Send new messages." Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀. Wásáàpù kò ní ohun tó ń ti ara rẹ̀ ní aago kan pàtó, ọwọ́ èèyàn ni yóò tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, òun náà ni yóò tún tẹ̀ ẹ́ ní ìdájí. A pín in ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láàárín àwọn alábòójútó, a sì fún ọ̀kan nínú àwọn ará Hiúsítìnì ní ipa nínú rẹ̀, torí ojú rẹ̀ ṣì là nígbà tí tiwa ti pa dé. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀.

Wàhálà kejì léwu. Gúrúùpù tí a bá tì pa, a tì í pa mọ́ ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà a ṣí gúrúùpù kejì tí a pè ní Pàjáwìrì, tí a kì í tì láéláé, tí a sì bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n má pa ìró rẹ̀. Iná, olè, àìsàn tó ń fẹ́ ọkọ̀ kíákíá, ọmọ tó sọnù, wáyà iná tó já: èyí nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ òpópónà, ilé tàbí àmì tí a ó fi dá ibẹ̀ mọ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ nìkan ni kó fèsì. Ohun tó ń ba irú gúrúùpù yìí jẹ́ ni àánú: ẹnì kan kọ àdírẹ́sì, àádọ́ta èèyàn sì kọ "Ọlọ́run ò ní jẹ́" lé e lórí, àdírẹ́sì á sì bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ẹni tó gbé ọkọ̀ jáde kò ti ní rí i. A ní kí wọ́n fi ọwọ́ àdúrà kékeré lé àtẹ̀jíṣẹ́ náà dípò kí wọ́n kọ̀wé. A sì kọ ọ́ gàdàgbà pé gúrúùpù kò rọ́pò ìpè: ẹ kọ́kọ́ pe ọdẹ tàbí 112, kí ẹ tó kọ̀wé.

Ní ti ìjìyà, ohun tí Wásáàpù fàyè gbà náà ló pinnu rẹ̀. Àkọ́kọ́, a ó pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, a ó sì kọ̀wé sí onítọ̀hún ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú gbogbo ilé. A kọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí sílẹ̀, kí alábòójútó tó kéré lọ́jọ́ orí má baà ṣì í sọ: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín ti aago mẹ́rin la yọ torí ó ní ọfà méjì. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Bí ẹ bá mọ ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀, a ó pè é." Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, yíyọ fún ọjọ́ méje ló kù. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè é, tí yóò sì sọ ọjọ́ tí yóò padà fún un. Alábòójútó tó yọ èèyàn kò lè gbọ́ ẹjọ́ tó bá pè, ẹlòmíì ni yóò gbọ́ ọ. Kí ẹni tí a yọ má baà gba líǹkì àtijọ́ padà wọlé, a tan "Approve new members."

Kí a tó gbé òfin náà jáde, a mú ọgbọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ láti inú gúrúùpù, a yọ orúkọ kúrò lórí wọn, olúkúlùkù wa sì dá wọn lẹ́jọ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tí ìdájọ́ wa ti yàtọ̀ la ti mọ̀ pé òfin náà kò tíì yé. Ìkéde iṣẹ́ ló kọ́kọ́ pín wa: nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan. A fi ìlà kan kún un pé iṣẹ́ tó ń gba èèyàn sí láìgba owó lọ́wọ́ wọn lè wọlé lọ́jọ́kọ́jọ́. Èyí tó ń béèrè owó fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ìwé ìkéde ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pín wa, torí nọ́ńbà àkáǹtì kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí àwọn méjì kò rí. Òfin yé, ojú ni kò rí i, nítorí náà a ní kí alábòójútó máa fẹ àwòrán tóbi kó tó dákẹ́ lé e.

Gbogbo òfin náà kò ju ojú fóònù kan lọ nígbà tí a parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òfin náà wà fún ni kì í ka ìwé gígùn, nítorí náà ìyálọ́jà kan tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀ kà á sílẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú àpẹẹrẹ aṣọ ẹbí àti ohùn olè. A so ohùn náà mọ́ òkè gúrúùpù. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Wásáàpù ń jẹ́ kó wà níbẹ̀ jù. Alábòójútó tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí ìparí oṣù ni yóò máa tún un so.